Mákírò tí mo gbà sílẹ̀ ní Excel pòórá, èyí tí mo tún gbà sì ń fi àwọn ìlà ìsàlẹ̀ sílẹ̀

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gba ìjábọ̀ ọjà kan wálẹ̀. Òpó mẹ́fà ni, láti A dé F, iṣẹ́ tí mò ń ṣe sí i kò sì yàtọ̀ rí: màá mú ìlà àkọlé nípọn, màá kùn ún ní àwọ̀, màá fi àmì ẹgbẹ̀rún sí nọ́ńbà inú òpó D àti E, màá ṣètò ọjọ́ inú òpó C, màá wá fa ìlà yí gbogbo rẹ̀ ká. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gba mákírò sílẹ̀ fún un, ó ṣiṣẹ́. Mo sééfù, mo pa á dé. Lónìí mo ṣí fáìlì yẹn, mákírò ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo padà sórí ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún un gbà, mo lò ó lórí tuntun, ó tún ojú ìlà 58 àkọ́kọ́ ṣe, ó sì pa ìyókù tì. Níbo ló yẹ kí n fi í pamọ́ sí? Kí ló sì dé tó fi dúró sí ìdajì ọ̀nà?

Sáré_Tẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. .xlsx lo fi sééfù, .xlsx kì í gbé mákírò. Lọ sí Save As, mú Excel Macro-Enabled Workbook (*.xlsm), ó parí. Ti ìlà 58 yẹn, tan Use Relative References kó o tó gbà á sílẹ̀.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Háà, òótọ́ ni. Nǹkan kan jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ń sééfù, ó ń sọ nípa VB project. Mi ò kà á, mo tẹ Yes.

Bàbá_Kóòdù

Yes tó o tẹ̀ yẹn lo fi sọ fún un pé kó da mákírò nù kó sì sééfù ìyókù. Àpótí yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé No ló yẹ kéèyàn tẹ̀, kó tó wá yan .xlsm.

Sáré_Tẹ̀ẹ́ kò parọ́ nípa .xlsm, àmọ́ ẹsẹ̀ kan ni ìmọ̀ràn yẹn fi dúró. Ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fáìlì tuntun ni, kò ní mákírò kankan nínú. Bí mákírò bá ń gbé inú fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àfi kó o kọ́kọ́ ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀ kó o tó lè lò ó lórí ti ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ń gbá fódà mọ́, tí wọ́n pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, mákírò bá a lọ.

Nígbà tó o tẹ Record Macro lábẹ́ View, àpótí kan jáde. Ojú rẹ lọ síbi orúkọ, o kọ ọ́, o tẹ OK. Ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́? Nísàlẹ̀ orúkọ yẹn ni wọ́n kọ Store macro in sí, This Workbook ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀ béèyàn ò bá fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni pé inú fáìlì tó wà lójú rẹ yẹn gan-an ni mákírò á máa gbé. Tẹ ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí Personal Macro Workbook. Òun lò ń wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá yàn án ni Excel á dá fáìlì kan sílẹ̀ fún ọ, PERSONAL.XLSB. Gbogbo ìgbà tí Excel bá ń dìde ló máa ń ṣí fáìlì yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ ló máa ń fi í sí, o ò ní rí i. Torí pé ó wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo, mákírò inú rẹ̀ á ṣiṣẹ́ lórí fáìlì yòówù tó o bá ṣí, ìbáà jẹ́ .xlsx, ìbáà jẹ́ .csv, láìjẹ́ pé fáìlì yẹn fúnra rẹ̀ gbé mákírò kankan.

Ibì kan ṣoṣo lèèyàn ti lè ṣì í ṣe. Lálẹ́ tó o bá ń pa Excel dé, ó máa bi ọ́ bóyá kó sééfù àyípadà tó wà nínú Personal Macro Workbook. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, á tẹ Don't Save. Bó ṣe máa sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Tẹ Save.

Àǹtí_Ìlà

Ẹ máa bínú, mo kàn ń kọjá lọ ni. Kí ló dé tí ẹ fi ń pọ́n ara yín lójú? Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lábẹ́ Home, Format Painter. Mú ìjábọ̀ àtijọ́, tẹ búrọ́ọ̀ṣì, fi kun tuntun. Ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Bàbá_Kóòdù

Àǹtí, fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, búrọ́ọ̀ṣì yín dára. Ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnì kan lọ́jọ́ Ajé láìṣí fáìlì àtijọ́ ni tiwa yìí.

Àǹtí_Ìlà

Ó dáa o. Èmi ò ní fi búrọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀ ṣá.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo tún un gbà lórí ìjábọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kan náà, mo fi sí Personal, mo tẹ Save nígbà tí mo ń pa á dé. Mo ṣí Excel padà, ó wà níbẹ̀, PERSONAL.XLSB!TunOjuSe ni wọ́n kọ nígbà tí mo tẹ Alt+F8. Mo tan Use Relative References bí Sáré_Tẹ̀ẹ́ ṣe wí. Ìjábọ̀ tòní ní ìlà 91. Ó ṣì dúró sórí 58. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo lò ó nígbà tí mo ti kọ́kọ́ tẹ inú B2, gbogbo àwọ̀ wá sún sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìlà kan nísàlẹ̀. Mo tẹ Ctrl+Z, kò padà.

Bàbá_Kóòdù

Jẹ́ ká wo ohun tó kọ sílẹ̀. Tẹ Alt+F11, lápá òsì wàá rí VBAProject (PERSONAL.XLSB), ṣí Modules, tẹ Module1 lẹ́ẹ̀mejì. Da díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ibí.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Èyí tí mo gbà sílẹ̀ lónìí rèé, mo yọ apá tó gùn kúrò:

```
ActiveCell.Range("A1:F1").Select
Selection.Font.Bold = True
ActiveCell.Offset(1, 3).Range("A1:A57").Select
Selection.NumberFormat = "#,##0"
```

Ti àkọ́kọ́ tí mi ò tíì tan Relative, Range("D2:D58").Select ló kọ síbẹ̀.

Bàbá_Kóòdù

O ti ń rí i fúnra rẹ. Fi àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé: lọ sí D2 títí dé D58. Tuntun ń sọ pé: láti ibi tí èèyàn dúró sí, sọ̀kalẹ̀ ìlà kan, sún sọ́tùn-ún òpó mẹ́ta, kó o wá mú sẹ́ẹ̀lì 57 lọ sísàlẹ̀. Ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ni Relative yí padà. Bó ṣe máa gùn tó kò yí padà rárá, 57 yẹn ṣì jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí ó fi sún nígbà tó o dúró sórí B2, tó sì tún dúró sórí ìlà 58 nígbà tó o dúró síbi tó tọ́. Fún iṣẹ́ tìrẹ, tí àkọlé máa ń wà ní A1 lọ́sẹ̀ gbogbo, ìpalára lásán ni Relative. Pa á.

Ẹ̀rọ tó ń gba mákírò sílẹ̀ kò mọ ohun tó o ní lọ́kàn. Ìwọ wò ó pé "mo mú gbogbo nọ́ńbà inú òpó D", òun rí i pé o fa máòsì láti D2 dé D58, ohun tó rí ló kọ. Nítorí náà, nígbà tó o bá ń gbà á sílẹ̀, ṣe ohun tó jẹ́ pé bó o bá tún un ṣe lórí ìjábọ̀ tó ní ìlà 500, á ṣì tọ̀nà. Má fa máòsì lórí nọ́ńbà mọ́. Tẹ lẹ́tà D tó wà lókè pátápátá, kí gbogbo òpó náà dúdú, kó o wá yan irú nọ́ńbà tó o fẹ́. Ohun tó máa kọ nìyí:

```
Columns("D:D").Select
Selection.NumberFormat = "#,##0"
```

Kò sí 58, kò sí 57. Àkọlé tó wà nínú D1 ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà, nítorí náà ìṣètò nọ́ńbà kò ní ṣe é ní ohunkóhun. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún E, ṣe bẹ́ẹ̀ fún C pẹ̀lú ọjọ́.

Ti ìlà tó ò ń fà yí i ká ni kò ní gbà báyìí. Bó o bá mú òpó A dé F lódindi kó o fa ìlà sí i, ìlà yẹn á sọ̀kalẹ̀ dé 1,048,576, níbi tí ojú ìwé Excel parí sí. Òun nìkan ni màá ní kó o fọwọ́ kọ. Lẹ́yìn tó o bá gbà á tán, fi ìlà kóòdù kan ṣoṣo yìí sí ìsàlẹ̀, kó tó kan End Sub:

```
Range("A1").CurrentRegion.Borders.LineStyle = xlContinuous
```

CurrentRegion túmọ̀ sí gbogbo ohun tó so mọ́ A1 láìsí ìlà òfìfo tàbí òpó òfìfo láàárín. Lónìí á mú 91, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á mú iye yòówù. Bí ìjábọ̀ yín bá máa ń fi odindi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo kó tó kọ àpapọ̀, àpapọ̀ yẹn kò ní rí ìlà yí i ká. Ohun tó o máa fi mọ̀ nìyẹn.

Ní ti Ctrl+Z: mákírò kò ṣeé dá padà. Bó bá ti ṣiṣẹ́, ó pa ìtàn gbogbo ohun tó o ti ṣe ṣáájú rẹ́. Sééfù kó o tó lò ó. Bó bá bà á jẹ́, pa fáìlì dé láìsééfù kó o tún un ṣí.

Sáré_Tẹ̀ẹ́

Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ Relative wúlò o. Èmi ní mákírò kan tó ń kun ìlà tí mo bá dúró lé lórí ní yẹ́lò, láìsí Relative ìlà kan náà ni ì bá máa kùn láyé.

Bàbá_Kóòdù

Gbogbo ibi tó bá jẹ́ pé "níbi tí mo wà" ni èèyàn ń sọ, Relative ni. Tìẹ bá a mu.

Ìyá_Ọlọ́pọ̀Fáìlì

Ẹ jẹ́ n da tèmi sí i, ó jọ tiyín díẹ̀. Èmi náà ní tèmi ní Personal, ó sì ń mú gbogbo òpó bí ẹ ṣe wí. Mo wá rò pé kó tún máa to orúkọ láti A dé Z, mo gba ìyẹn mọ́ ọn. Ọjọ́ yẹn ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì, lórí fáìlì mìíràn, ó ní Run-time error '9': Subscript out of range. Mo ti tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà ló máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá gbà á, kó tó wá kọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ọwọ́ mi ni kò dáa.

Bàbá_Kóòdù

Ọwọ́ yín dáa, ìyá. Ẹ ṣí kóòdù náà, ẹ wá ibi tí Sort wà. Mo fẹ́ kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ojú ìwé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Ìyá_Ọlọ́pọ̀Fáìlì

Yéè! Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́:

```
ActiveWorkbook.Worksheets("ijabo_0307").Sort.SortFields.Clear
```

ijabo_0307 ni orúkọ fáìlì ọjọ́ yẹn.

Bàbá_Kóòdù

.csv ni ẹ máa ń ṣí, àbí? Bí Excel bá ṣí .csv, orúkọ fáìlì náà ló máa ń sọ ojú ìwé inú rẹ̀. Béèyàn bá ń mú lẹ́tà nípọn tàbí ń kun àwọ̀, ẹ̀rọ agbàsílẹ̀ kì í kọ orúkọ ojú ìwé, ṣùgbọ́n béèyàn bá to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ó máa ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ń wá ijabo_0307 nínú fáìlì tí kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ló bá ní òun ò rí i. Ohun tí 9 yẹn túmọ̀ sí nìyẹn.

Ibi gbogbo tí ẹ bá ti rí ActiveWorkbook.Worksheets("ijabo_0307"), ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi ActiveSheet rọ́pò rẹ̀. Ctrl+H wà nínú fèrèsé kóòdù náà, ẹ ò ní wá a lójú. Ẹ tún wo nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi SetRange, á ti kọ A1:F58 tàbí irú rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 58 kan náà ni. Range("A1").CurrentRegion ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí irú rẹ̀ níwájú Key, D2:D58 fún àpẹẹrẹ, ẹ fi Range("D1") sí i.

Ìyá_Ọlọ́pọ̀Fáìlì

Ó ṣiṣẹ́!! Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí fáìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un gbà lásán.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún Akọ̀wé nípa bọ́tìnì àbùjá. Èmi fi Ctrl+S fún tèmi nígbà àkọ́kọ́, mo ní S dúró fún "ṣe é". Torí pé Personal máa ń ṣí pẹ̀lú Excel, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sééfù ohunkóhun, lórí fáìlì yòówù, ńṣe ló máa ń kun ìlà àkọ́kọ́ ní búlúù. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo fẹ́ràn búlúù.

Bàbá_Kóòdù

😂 Ẹ tẹ Alt+F8, ẹ mú mákírò náà, ẹ tẹ Options, ẹ yí i padà. Ẹ di Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà síbẹ̀, á di Ctrl+Shift+lẹ́tà yẹn. Àwọn tó jẹ́ ti Excel fúnra rẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti Ctrl lásán.

Ẹnu_Ọ̀nà

Èmi kì í tilẹ̀ lo àbùjá, mo máa ń gbàgbé. Bọ́tìnì ni mo gbé sókè. Ẹ fi máòsì ọ̀tún tẹ ọ̀pá kékeré òkè yẹn, Customize Quick Access Toolbar, níbi Choose commands from ẹ yan Macros, ẹ Add èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PERSONAL.XLSB. Modify á jẹ́ kí ẹ yan àwòrán fún un. Tèmi ní ojú tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: ní tèmi, lọ́jọ́ kan báyìí, gbogbo mákírò inú Personal ò sí mọ́. Fáìlì náà wà nínú fódà, mo rí i. Excel kàn kọ̀ kò ṣí i. Kí ló fà á?

Bàbá_Kóòdù

Ǹjẹ́ Excel ti dákú mọ́ ọ lọ́wọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀? Bó bá ṣubú nígbà tí Personal wà ní ṣíṣí, ó lè dájọ́ fún un pé òun ló jẹ̀bi, kó tì í mọ́ta. File, Options, Add-ins. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi Manage, yan Disabled Items, tẹ Go. Bó bá wà níbẹ̀, mú un, tẹ Enable, pa Excel dé, ṣí i padà.

Ẹnu_Ọ̀nà

Ó wà níbẹ̀! Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ di. Ẹ ṣé, Bàbá.

Bàbá_Kóòdù

Nísinsìnyí tó o ti rí i, dà á kọ síbòmíràn. Ibi tó ń gbé lórí Windows nìyí, ẹ lè da ọ̀nà náà sínú àpótí àdírẹ́sì tó wà lókè fódà kan kí ẹ tẹ Enter:

```
%APPDATA%\Microsoft\Excel\XLSTART
```

Fódà yìí fara sin, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kó gbogbo Documents, wọ́n á fi iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ nínú XLSTART.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Mo ti tún un gbà bí ẹ ṣe wí, mo fi ìlà kóòdù kan yẹn sí i. Ìlà 91, gbogbo rẹ̀ pé! Mo lò ó lórí ti oṣù tó kọjá tó ní ìlà 140, ó pé.

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ mákírò náà gẹ́gẹ́ bí Tún Ojú Ṣe tẹ́lẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ni mo fi yọ àmì kúrò. Ṣé àmì ni kò fẹ́ ni? Ìkejì, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ fẹ́ lò ó. Mo fi ìjábọ̀ tí mo ti ṣe ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ò rí mákírò kankan.

Sáré_Tẹ̀ẹ́

Ààyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni kò fẹ́. Fi _ síbẹ̀.

Bàbá_Kóòdù

Ààyè ni lóòótọ́. Àmọ́ má kọ àmì àti lẹ́tà onídòó sí i náà, fèrèsé kóòdù yẹn kò mọ ṣ àti ọ, àmì ìbéèrè ló máa ń sọ wọ́n dà.

Ti ẹnìkejì rẹ: Personal tìrẹ orí kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ló wà, kì í bá ìjábọ̀ rìn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, ní Alt+F11, màá fi máòsì ọ̀tún tẹ Module1, màá yan Export File, á di fáìlì kékeré kan tó parí sí .bas. Kó o fi ránṣẹ́ sí i. Kí òun náà kọ́kọ́ gba mákírò yẹpẹrẹ kan sílẹ̀ sínú Personal tirẹ̀, bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ló tẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró, kí fáìlì náà lè wà. Lẹ́yìn náà kó mú PERSONAL.XLSB ní Alt+F11, kó yan File, Import File. Má ṣe fi PERSONAL.XLSB tìrẹ lé tirẹ̀ lórí o, á nu gbogbo ohun tó ti ní níbẹ̀.

Kékeré_Ìjọ́ra

Orí ẹ̀rọ ìwákiri íńtánẹ́ẹ̀tì ni èmi ti ń lo Excel, mi ò rí Record Macro níbẹ̀ rárá.

Bàbá_Kóòdù

Kò sí irú mákírò yìí níbẹ̀. Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà gan-an ni kó o ṣí.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Ẹnìkejì mi ti rí i, ó ń ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n òun ló fi ohun kan hàn mí tí èmi ò ṣàkíyèsí. Nínú òpó C, àwọn ọjọ́ kan yí padà sí bí mo ṣe fẹ́, àwọn kan wà bí wọ́n ṣe wá. Òpó kan náà, mákírò kan náà. Àwọn tó yí padà fara ti apá ọ̀tún, àwọn tí kò yí padà fara ti apá òsì.

Bàbá_Kóòdù

Àwọn tó fara ti òsì ọ̀rọ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ọjọ́ lójú Excel. Kọ =ISTEXT(C2) sí sẹ́ẹ̀lì òfìfo kan, kó o fi bá ọ̀kan nínú wọn, TRUE ló máa sọ. Ìṣètò ọjọ́ kì í ran ọ̀rọ̀.

Sọ fún mi, àwọn tó fara ti òsì, ṣé ọjọ́ inú wọn máa ń ju 12 lọ?

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Ẹ dúró. 25/07, 18/07, 31/07, 13/07... Bẹ́ẹ̀ ni! Gbogbo wọn.

Bàbá_Kóòdù

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Kọ̀ǹpútà rẹ ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́, ìjábọ̀ ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Nígbà tó dé 25/07, kò sí oṣù 25, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé 03/07, ó kà á sí ọjọ́ 7 oṣù 3. Àwọn tó fara ti ọ̀tún, tí mákírò rẹ tún ojú wọn ṣe dáadáa, àwọn gan-an ló jẹ́ irọ́. Ẹni tó fara ti òsì ò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìgbà tí .csv ń ṣí ló ṣẹlẹ̀, kí mákírò tó dé ibẹ̀ rárá. Má ṣe tẹ .csv lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ṣí ojú ìwé òfìfo, lọ sí Data, From Text/CSV, tẹ Transform Data kó o yan òpó C, kó o fi máòsì ọ̀tún tẹ orí rẹ̀, Change Type, Using Locale, kó o mú Date pẹ̀lú èdè ibi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn tó bá wọlé tán ni kó o tó lo mákírò.

Sáré_Tẹ̀ẹ́

Ṣé kò kàn lè yí ètò ọjọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà nínú Windows ni?

Bàbá_Kóòdù

Ó lè ṣe é, á sì tán ìṣòro náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmọ́ bí fáìlì mìíràn tó ń gbà bá ń kọ oṣù ṣáájú, àwọn yẹn ló máa wá dàrú. Òun ló mọ ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá_Ọlọ́pọ̀Fáìlì

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá gba From Text/CSV yẹn mọ́ mákírò, ṣé kò ní kọ orúkọ fáìlì ọjọ́ yẹn síbẹ̀ bíi ti Sort?

Bàbá_Kóòdù

Á kọ ọ́, ìyá, á kọ ojú ọ̀nà rẹ̀ lódindi. Ẹ fi ọwọ́ ṣe ìyẹn, kí ẹ jẹ́ kí mákírò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé_Ọjọ́Ajé

Mo ṣe tòní bí ẹ ṣe wí, gbogbo òpó C fara ti ọ̀tún, 03/07 di oṣù keje. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ètò náà pé kí wọ́n máa kọ ọjọ́ bíi 2025-07-03, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Nísinsìnyí mò ń padà sínú àwọn ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, mò ń wo àwọn tó fara ti ọ̀tún.